Páálí wẹ́wẹ́ àti ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń gbẹ̀yìn: ìrírí mi nídìí èdè Jámánì

Ìdánwò kíláàsì tí mo kọ́kọ́ ṣe lórí ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń gbẹ̀yìn nínú gbólóhùn èdè Jámánì, ìbéèrè mẹ́wàá ni wọ́n fún wa, mẹ́ta péré ni mo gbà. Bẹ́ẹ̀ kò le lójú rárá. Wọ́n kàn da ọ̀rọ̀ rú ni, wọ́n fi ìlà kéékèèké pààlà sáàárín wọn, wọ́n ní ká tò wọ́n padà kó di gbólóhùn tó gún. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí. Ìbàdàn ni mo wà nígbà náà, mo ń kọ́ èdè Jámánì lẹ́yìn iṣẹ́ torí mo fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ìpele B2 ni wọ́n sì máa ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó gbà á wọlé sẹ́nu iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì. Ìpele B1 ni mo ṣì ń bá jà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí:

```
weil / gestern / ihre Tabletten / die Patientin / nicht / genommen / hat
```

Ohun tí mo kọ ni "weil die Patientin hat gestern ihre Tabletten nicht genommen". Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, nítorí pé aláìsàn náà kò lo oògùn rẹ̀ lánàá. Tíṣà fi bíró pupa fa igi lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ n gbèjà ara mi díẹ̀. Tíṣà ti sọ fún wa pé bí ẹ bá ti rí "weil", ọ̀rọ̀-ìṣe ń lọ sẹ́yìn. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà nínú ìbéèrè yẹn, "genommen" àti "hat", mo sì ti rí i pé "genommen" wà lẹ́yìn pátápátá. Ọkàn mi balẹ̀, mo kọjá sí èkejì. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé, bí ọ̀rọ̀-ìṣe bá ju ẹyọ kan lọ, èwo gan-an ni kó gbẹ̀yìn. Ọjọ́ kejì ni mo tó bi í. Ó ní èyí tó bá olùwà mu ni. Ohun tó ń sọ ni pé, "genommen" kì í yí padà, ì báà jẹ́ èmi ni, ì báà jẹ́ ìwọ, ì báà jẹ́ àwọn. Ṣùgbọ́n "hat" ń yí: "ich habe", "du hast", "sie hat", "wir haben". Èyí tó ń pa aṣọ dà nítorí olùwà yẹn ló ń sé ilẹ̀kùn. Torí náà:

```
weil die Patientin gestern ihre Tabletten nicht genommen hat
```

Ká ní ọ̀rọ̀ tí ó sọ yìí ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ni, ǹ bá gba méje.

Mo dé ilé, mo ní kí àbúrò mi bá mi fi àlùmọ́gàjí gé páálí ìńdómì sí wẹ́wẹ́, ó tó bí àádọ́ta. Mo kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí tiẹ̀. Tó bá di alẹ́, á dà wọ́n rú sórí tábìlì, èmi á máa tò wọ́n. Òun ò gbọ́ èdè Jámánì rárá. Ìyẹn gan-an ló dára nídìí ọ̀rọ̀ náà, torí bó bá ti dà wọ́n rú, kì í mọ èyí tó yẹ kó fara mọ́ra, kò sì lè ṣèèṣì ràn mí lọ́wọ́.

Níbi tábìlì yẹn ni mo ti rí àṣìṣe mi kedere, tí ìwé ò lè fi hàn mí. Ọwọ́ mi ń tò ó láti òsì lọ sí ọ̀tún bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Yorùbá: ta ni, kí ló ṣe, kí ló ṣe é sí, nígbà wo. Bí mo bá ti gbé "weil" sílẹ̀ tí mo gbé "die Patientin" tẹ̀ lé e, ọwọ́ mi á ti na sí "hat" kí n tó ronú. Ní Yorùbá, olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe kì í jìnnà síra, "nítorí pé" ò sì yí ohunkóhun padà. "Ó lo oògùn." "Nítorí pé ó lo oògùn." Ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Àwọn ará Jámánì kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú gbólóhùn tó dá dúró, ipò kejì ni ọ̀rọ̀-ìṣe wọn máa ń wà. Bí "weil", "dass", "ob", "wenn", "als", "obwohl", "damit", "bevor" tàbí "nachdem" bá ti ṣáájú rẹ̀, ó sọ ọ́ di awẹ́ gbólóhùn afarahẹ, ìyẹn èyí tó gbára lé òmíràn, ọ̀rọ̀-ìṣe á sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ìdí.

Ni mo bá yí ọwọ́ padà. N kò tò ó láti òsì mọ́. Màá kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ asopọ̀, màá gbé e sí ọwọ́ òsì pátápátá. Màá wá ọ̀rọ̀-ìṣe tó ń pa aṣọ dà, màá gbé e sí ọwọ́ ọ̀tún pátápátá, àní lórí etí tábìlì. Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, èyí ni màá rí lórí tábìlì:

```
weil ........................................ hat
```

Lẹ́yìn náà ni màá wá bi ara mi pé, ta ló ń bá "hat" rìn? "Genommen" ni, á dúró síwájú rẹ̀ gẹ́lẹ́. Olùwà á sún mọ́ "weil". Ohun tó kù á wọ àárín. Bí mo bá ti di òpin méjèèjì mú báyìí, àárín kì í le mọ́, torí ọ̀rọ̀ tó kù kò ju mẹ́ta sí mẹ́rin lọ.

Àárín náà ní ìwà tirẹ̀, àmọ́ kò burú tó bẹ́ẹ̀. Arọ́pò-orúkọ kéékèèké bíi "mich", "es", "ihm", "sich" kì í fẹ́ jìnnà sí iwájú. Ọ̀rọ̀ àkókò, bíi "gestern" tàbí "um sieben Uhr", sábà máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ ibi. "Nicht" tó ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà di bẹ́ẹ̀ kọ́ sì máa ń wà lẹ́yìn àbọ̀, nítòsí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ìdí. Ìwé máa ń gbé òfin kalẹ̀ lórí gbogbo èyí bí ẹni pé òfin irin ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ni èdè ń sún ọ̀rọ̀ àárín síwá sẹ́yìn bí wọ́n bá fẹ́ tẹnu mọ́ nǹkan. Ohun tí wọn kì í fi ṣeré ni ìdí.

Ọ̀kan wà tí àbúrò mi dà rú fún mi lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo fi ń rántí títí dòní:

```
dass / um sieben Uhr / mich / muss / sie / anrufen
```

"Sie" yìí, ó lè jẹ́ òun obìnrin, ó lè jẹ́ àwọn. Mo wò ó, mo wò ó. Lẹ́yìn náà ni mo wo "muss". Ká ní àwọn ni, "müssen" ni ìbá jẹ́. Nítorí náà òun obìnrin ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí mo ti gbé sí ìdí ló sọ fún mi ẹni tí olùwà ń ṣe. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, màá kàn máa méfò ni. "Muss" dé ìdí, "anrufen" dúró síwájú rẹ̀, "mich" sá tẹ̀ lé "sie":

```
dass sie mich um sieben Uhr anrufen muss
```

"Anrufen" yẹn náà ní ìtàn. Pípe ènìyàn lórí fóònù ni, gbólóhùn yẹn sì ń sọ pé obìnrin náà gbọ́dọ̀ pè mí ní agogo méje. Nínú gbólóhùn tó dá dúró, wọ́n máa ń là á sí méjì: "sie ruft mich an". "Ruft" wà níwájú, "an" wà ní ìdí, èmi tí wọ́n ń pè wà láàárín bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀mú mú. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì ń kùn pé irú èdè wo lèyí. Èmi rẹ́rìn-ín. Àwa tí à ń sọ pé "ó ba aṣọ mi jẹ́", tí à ń sọ pé "mo gbà ọ́ gbọ́", kí ló lè yà wá lẹ́nu níbẹ̀? "Bàjẹ́" náà, ọ̀kan ni, a là á, a fi aṣọ sáàárín rẹ̀. Ibi tí a ti yàtọ̀ ni pé, nínú awẹ́ gbólóhùn afarahẹ, tiwọn máa ń padà so pọ̀. "Weil sie mich anruft": "ruft" rìn lọ sí ìdí, ó bá "an" níbẹ̀, wọ́n di ọ̀rọ̀ kan, kò sí àlàfo láàárín wọn mọ́. Ẹni tó bá kọ ọ́ ní "weil sie mich an ruft" ti pàdánù máàkì náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tò ó dáadáa.

Ohun kejì tí mo fi ń mọ olùwà ni aṣọ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ẹ wo èyí:

```
ob / den Arzt / die Schwester / schon / angerufen / hat
```

Nínú iṣẹ́ wa, ta ló yẹ kó pe ta? Dókítà lè pe nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì náà lè pe dókítà. Ọgbọ́n orí ò yanjú ẹ̀. "Den" ló yanjú ẹ̀: ká ní dókítà ni olùwà, "der Arzt" ni à bá rí. Bó ṣe di "den" yẹn, òun ni wọ́n pè. "Ob die Schwester den Arzt schon angerufen hat": bóyá nọ́ọ̀sì ti pe dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ìbínú kọ́ "der" àti "den" tí mo ti ń sá fún láti ìpele A1.

Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tí ẹni tó ṣe ìbéèrè ló jẹ̀bi. Lórí kọ̀ǹpútà ni mo ti pàdé ọ̀kan báyìí: "dass / die Schwester / die Patientin / kennt". Obìnrin ni àwọn méjèèjì, "die" ò sì ń yí padà bóyá olùwà ni àbí àbọ̀. Nọ́ọ̀sì mọ aláìsàn, aláìsàn mọ nọ́ọ̀sì, méjèèjì tọ̀nà. Kọ̀ǹpútà ní ọ̀kan péré ló gbà, ó fi àmì pupa sí tèmi. Mo fi odidi alẹ́ ọjọ́ kan wá òfin tí mo rú, n kò rí òfin kankan, torí kò sí. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí i pé ìdáhùn méjì ló ṣeé ṣe, màá kọ méjèèjì sínú ìwé mi, màá sì máa bá tèmi lọ.

"Denn" ló tún dá mi lágara. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ti "weil", nítorí pé ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n "denn" kì í gbé ọ̀rọ̀-ìṣe kúrò níbi tó wà, bákan náà ni "und", "aber", "oder" àti "sondern". "Ich bleibe zu Hause, denn ich bin krank." "Ich bleibe zu Hause, weil ich krank bin." Ọ̀rọ̀ kan náà ni: mi ò jáde, ara mi ò yá. Àwọn tó ń ṣètò ìdánwò mọ̀ pé ojú wa máa ń yára, wọ́n á sọ ọ̀kan nínú wọn sínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n dà rú. Nítorí náà, kí n tó gbé ọ̀rọ̀-ìṣe lọ sí etí tábìlì, mo máa ń kọ́kọ́ bi ọ̀rọ̀ asopọ̀ pé, ìwọ wo ni?

Nígbà tí wọ́n wá da gbólóhùn méjì rú pọ̀, tí kọ́mà wà láàárín, lẹ́tà ńlá ni mo fi ń ríran. Ní èdè Jámánì, gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ ló ń fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀, nítorí náà lẹ́tà ńlá lórí ọ̀rọ̀-orúkọ kò sọ nǹkan kan fún wa. Ṣùgbọ́n bí "Weil" bá dé pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, òun ló máa ṣáájú gbogbo wọn.

```
Weil / der Bus / nicht / ist / gekommen / , / ich / bin / zu Fuß / gegangen
```

Nítorí pé bọ́ọ̀sì kò wá, mo fẹsẹ̀ rìn. "Ist" lọ sí ìdí apá tirẹ̀, ṣáájú kọ́mà. Apá kejì wá ń kọ́? Mo kọ "ich bin zu Fuß gegangen", ó dùn létí mi, ó sì kùnà. Gbogbo apá àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n kà sí ipò kìíní, nítorí náà ipò kejì, tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń gbé, wà lẹ́yìn kọ́mà gẹ́lẹ́:

```
Weil der Bus nicht gekommen ist, bin ich zu Fuß gegangen.
```

"Ist", kọ́mà, "bin". Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì kọjú síra wọn níbi kọ́mà bí ìyàwó méjì tó pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Bí n kò bá tí ì rí ìfojúkojú yẹn, mo mọ̀ pé iṣẹ́ mi kò tí ì parí.

Ibì kan wà tí etí tábìlì mi tàn mí jẹ, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. "Weil / ich / nicht / habe / kommen / können": nítorí pé n kò lè wá. Mo gbé "habe" lọ sí ìdí bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní rárá, "weil ich nicht habe kommen können" ni. Bí "haben" bá bá ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí wọn ò yí padà pàdé báyìí, tí èyí tó gbẹ̀yìn jẹ́ irú "können" tàbí "müssen", òun ló máa ṣáájú wọn. Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé gbogbo ohun tí mo kọ́ ti wó. Kò wó. Nígbà tí mo dé Jámánì, mo rí i pé àwọn fúnra wọn ń yẹra fún un: "weil ich nicht kommen konnte" ni wọ́n ń sọ, ó kúrú, "konnte" sì wà ní ìdí bó ṣe yẹ. Èmi náà ń yẹra fún un. Ohun mìíràn tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí ni "weil ich hab keine Zeit", tí ọ̀rọ̀-ìṣe kò lọ síbì kankan. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ má kọ ọ́ sínú ìdánwò.

Nínú gbogbo páálí tí àbúrò mi gé, èyí tí mo kó dé ibí kò ju mẹ́jọ lọ. Mo kó wọn dání nítorí ọ̀rọ̀ kan, "bekommen", ìyẹn kí ènìyàn gba nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ló ń yí padà bó bá ti di ohun tó ti ṣẹlẹ̀, bí "nehmen" ṣe di "genommen". "Bekommen" kì í yí: bákan náà ló rí nínú "ó ti gbà á" àti nínú "ó lè gbà á". Lálẹ́ ọjọ́ kan, a ti to gbogbo rẹ̀ tán, "dass / der Patient / noch / kein Frühstück / bekommen", ó wá ku páálí ìdí. Méjì ló wà lórí tábìlì tó lè wọ ibẹ̀, "hat" àti "darf". Mo gbé ọ̀kan síbẹ̀, ó tọ̀nà. Mo mú un kúrò, mo gbé èkejì síbẹ̀, òun náà tọ̀nà. Mo rẹ́rìn-ín, mo kó wọn sínú àpò.

Oṣù kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí, ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀, nọ́ọ̀sì tó ṣe iṣẹ́ òru ń fi àwọn aláìsàn lé mi lọ́wọ́. Àgbà obìnrin ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó ń yára. Ó dé orí ọkùnrin tó wà ní yàrá 12. Ó ní "Denken Sie bitte daran, dass der Patient noch kein Frühstück bekommen", bẹ́ẹ̀ ni aago aláìsàn kan dún, ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó ti fẹ́ máa lọ.

Ó ní kí n rántí pé ọkùnrin náà kò tí ì gba oúnjẹ àárọ̀. Àbí kí n rántí pé kò tí ì gbọdọ̀ gba oúnjẹ àárọ̀. Bó bá jẹ́ "hat", oúnjẹ rẹ̀ ló pẹ́, kí n sáré gbé e fún un. Bó bá jẹ́ "darf", ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, mo sì gbọ́dọ̀ gba búrẹ́dì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwo oúnjẹ ti ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń gbọ́ ariwo ṣíbí.

Mo di aṣọ iṣẹ́ obìnrin náà mú lápá, ohun tí n kì í ṣe sí àgbà. Mo ní "Entschuldigung. Hat oder darf?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó gbọ́.

"Darf", ó ní. "Darf! Nichts essen, nichts trinken."

Mo sáré lọ bá kẹ̀kẹ́ náà.